Kọ́mà Méjì Lórí Gọ́tà: Ta Ló Yẹ Kó Di Ẹrù?

Wọ́n ní kí ọlọ́jà tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lórí gọ́tà kó kúrò. Inú ọjà lọ́hùn-ún ni tèmi wà. Ṣé èmi náà máa kó ni?

Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí, rárá. Àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìkéde tó ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn láti ọjọ́ Ajé kọ́ nìyẹn. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

«Àwọn ọlọ́jà, tí ìsọ̀ wọn wà lórí gọ́tà, gbọ́dọ̀ kó kúrò kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì.»

Kí ló kan kọ́mà nínú ọ̀rọ̀ gọ́tà?

Ẹ kọ́kọ́ yọ méjèèjì kúrò: «Àwọn ọlọ́jà tí ìsọ̀ wọn wà lórí gọ́tà gbọ́dọ̀ kó kúrò.» Níbí, awẹ́-gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «tí» ń ya àwọn kan sọ́tọ̀ lára àwọn yòókù. Ká ní igba ọlọ́jà ló wà, tí ogún nínú wọn sì wà lórí gọ́tà, ogún yẹn nìkan lọ̀rọ̀ kàn.

Ẹ wá dá kọ́mà padà. «Tí» kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ mọ́. Àfikún lásán ló dà. Ohun tí ìkéde ń sọ ni pé gbogbo ọlọ́jà ni yóò lọ, àti pé, kẹ́ ẹ sì tún gbọ́, orí gọ́tà ni ìsọ̀ gbogbo wọn wà. Igba èèyàn ni yóò di ẹrù. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa rí i pé kọ́mà yẹn ṣìnà: ọgọ́sàn-án nínú wọn kò sí nítòsí gọ́tà rárá. Bí àfikún kò bá jẹ́ òótọ́ nípa gbogbo àwọn tí ẹ dárúkọ, a jẹ́ pé kì í ṣe àfikún nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí èmi fúnra mi fẹ́ kọ?

Ẹ fi ọwọ́ bo awẹ́ náà, kí ẹ ka ìyókù. Bí ẹni tàbí ohun tí ẹ ń sọ bá ṣì dá yàtọ̀ láìsí i, ẹ fi kọ́mà sí i. Bí kò bá dá yàtọ̀ mọ́, ẹ má fi sí i.

Ẹ wo bàbá kan tó ń kọ ìwé ìhágún. «Mo fi ilé mi tí ó wà ní Mọ́kọlá fún Àdùkẹ́.» Ẹni tó bá kà á yóò gbà pé ilé mìíràn wà níbòmíràn, a kàn ń tọ́ka sí ti Mọ́kọlá. «Mo fi ilé mi, tí ó wà ní Mọ́kọlá, fún Àdùkẹ́.» Ó dà bí ẹni pé ilé kan ṣoṣo ni bàbá ní, ó kàn ń sọ ibi tó wà. Bí ilé bàbá bá wá jẹ́ méjì, ìjà á ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe fìdáù tán.

Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lèyí? Tiwa, «tí» náà ni «tí».

Nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹrù kọ́mà fi wúwo lọ́dọ̀ wa. Àwọn ará Jámánì ń fi kọ́mà sí oríṣi méjèèjì, nítorí náà kọ́mà tiwọn kò sọ nǹkan kan nípa èyí. Àwa ní ọ̀nà mìíràn tí kò lè ṣì ẹnikẹ́ni lọ́nà: bí ó bá jẹ́ àfikún, ẹ lo «ẹni tí» tàbí «èyí tí». «Ìyálọ́jà, ẹni tí ó ti Ọ̀yọ́ dé lánàá, kò fọwọ́ sí i.» Kódà lórí rédíò, etí á gbọ́ ọ.

Ti òfin ńkọ́? Mo rántí ariwo «obìnrin tó ti lọ́kọ».

Lọ́dún 2013 nìyẹn, nígbà tí àwọn sẹ́nétọ̀ ń jiyàn lórí abala 29(4)(b) nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọjọ́ orí ìgbéyàwó ni abala náà ń sọ. Ti ẹni tó fẹ́ kọ jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀ ni: ó ní obìnrin èyíkéyìí tí ó ti lọ́kọ, kí a kà á sí ẹni tó ti tó ọjọ́ orí àgbà. Kò sí kọ́mà níbẹ̀, kò sì lè sí. Lẹ́yìn «èyíkéyìí», awẹ́ gbọ́dọ̀ ya àwọn kan sọ́tọ̀. Bí ẹ bá fi kọ́mà há a mọ́ àárín, ẹ ti sọ pé kò sí obìnrin tí kò lọ́kọ.

Bí mo bá fi kọ́mà kan ṣoṣo ńkọ́?

Láàárín gbólóhùn, àṣìṣe ni: ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ò tì í.

Kí ni kí n ṣe kí ọjọ́ Ẹtì tó dé?

Ẹ má tíì di ẹrù. Ẹ lọ bá akọ̀wé ọjà, kí ẹ ní kó kọ nọ́ńbà àwọn ìsọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ má sì gbé ẹ̀mí yín lé kọ́mà: ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi í síbi tí wọ́n bá ti mí, tí wọn kò ní nǹkan mìíràn lọ́kàn. Ìkéde tó dárúkọ gọ́tà, ó dájú tán pé àwọn tó wà lórí gọ́tà ló ń bá wí.

Àtúnṣe ti dé lánàá, wọ́n ti yọ kọ́mà àkọ́kọ́. Ó ku ìkejì.