Àtẹ ata rodo kan, ojú oríṣiríṣi

Lórí àtẹ ìyá aláta kan lọ́jà Ṣágámù, rodo tó pọ́n, èyí tó ń pọ́n bọ̀ àti èyí tí kò tíì pọ́n rárá wà pọ̀ lójú kan. Oníbàárà dé, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi ṣa èyí tó pọ́n nìkan." Ká tó ṣẹ́jú mẹ́ta, ìyá ti ṣà á sínú ọ̀rá. Ajá tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ àtẹ náà kò lè fi ojú ṣe irú iṣẹ́ yẹn láéláé, bó ti wù kí ilẹ̀ mọ́ tó. Ojú rẹ̀ kò fọ́ o. Nǹkan tí ojú wa fi ń ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé ni kò sí nínú tirẹ̀.

Lẹ́yìn ẹyinjú ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé, inú awọ yìí sì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní kóònù wà. Ìmọ́lẹ̀ máa ń rìn bí ìgbì omi, nánómítà ni wọ́n sì fi ń wọn bí ìgbì kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Ìgbì tó wà ní nǹkan bí 550 la máa ń rí bí àwọ̀ ewé. Tó bá ti kọjá 620, pupa ni. Oríṣi kóònù mẹ́ta ló wà lójú èèyàn: ọ̀kan ń gba ìgbì tó wà nítòsí 420 jù, èkejì 530, ẹ̀kẹta 560.

Kóònù kan ṣoṣo kò mọ àwọ̀ kankan. Bíi kóńgò ló rí. Kóńgò á sọ bí gàrí ṣe pọ̀ tó, àmọ́ kò lè sọ bóyá gàrí Ìjẹ̀bú ni tàbí gàrí ibòmíràn. Bí ìmọ́lẹ̀ tí kóònù yẹn ń gbà dáadáa bá wọlé díẹ̀, tàbí tí èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà bá wọlé rẹpẹtẹ, iye kan náà ló máa kà fún ọpọlọ. Ọpọlọ ló wá ń fi iye tí kóònù kan kà wé ti èkejì. Tí rodo tó pọ́n bá wà níwájú wa, kóònù 560 á ka iye tó ju ti 530 lọ dáadáa. Tó bá jẹ́ èyí tí kò tíì pọ́n, iye méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyàtọ̀ yẹn là ń pè ní pupa.

(Àwọn kan máa ń sọ pé torí pé funfun, dúdú àti pupa ni Yorùbá fi pín àwọ̀ látijọ́, àwọn baba ńlá wa kò rí ìyókù. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú. Kò sí aláró tí kò mọ aṣọ tó ṣì fẹ́ẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ti mu aró dáadáa.)

Kóònù méjì péré ni ajá ní, ọ̀kan ní nǹkan bí 429, èkejì ní 555. Nínú méjì tí àwa fi ń ṣa ata, ọ̀kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ ara rodo bá wọlé, kóònù 429 á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan, yálà ata pọ́n ni o, yálà kò pọ́n. Kóònù 555 nìkan ló máa ka iye, ìfiwéra sì ti tán níbẹ̀. Àwọ̀ kan náà ló máa bá ata méjèèjì, irú pupa rúsúrúsú kan báyìí. Ohun tó lè fi yà wọ́n ni pé ọ̀kan mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ. Tí mímọ́lẹ̀ wọn bá dọ́gba, ata kan náà ni wọ́n lójú ajá. Àmọ́ tí ìyá bá tẹ́ ọ̀rá aláwọ̀ ojú ọ̀run sábẹ́ ata náà, ajá á rí ìyàtọ̀ ọ̀rá àti ata kedere, torí kóònù 429 á dá sí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ pé dúdú àti funfun nìkan ni ajá ń rí kò fi tọ̀nà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, nígbà tí ajá kò lè sọ̀rọ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ju bọ́ọ̀lù pupa sínú koríko, ajá á gbé e wá, wọ́n á ní ó rí pupa. Imú ló fi rí i, tàbí kó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù náà ṣókùnkùn ju koríko lọ. Lọ́dún 1989, Jay Neitz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣèwádìí nípa bí ojú ṣe ń rí àwọ̀, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ojú iná mẹ́ta síwájú ajá, méjì jẹ́ àwọ̀ kan náà, ẹ̀kẹta yàtọ̀. Ajá tó bá fi imú kan èyí tó yàtọ̀ á rí oúnjẹ jẹ. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé wọ́n ń yí bí iná kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó padà ṣáá, kí ajá má baà rí mímọ́lẹ̀ dì mú. Ẹni tó bá fẹ́ dán ajá tirẹ̀ wò nílé láìṣe bẹ́ẹ̀ kò tíì dán àwọ̀ wò rárá.

Oyin ní kóònù mẹ́ta bíi tiwa, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ṣí sápá kan: 344, 436 àti 544. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀ tó rékọjá àwọ̀ àlùkò, èyí tí ojú wa kò lè rí, òdòdó mìíràn sì ní ilà inú irú ìmọ́lẹ̀ yẹn tó ń tọ́ oyin lọ síbi oje. Pupa ni oyin pàdánù. Rodo tó pọ́n fòò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dúdú lójú rẹ̀.

Ti ẹyẹ ló pé jù. Kóònù mẹ́rin ni adìyẹ tó ń ṣa ọkà kiri lábẹ́ àtẹ ní, títí kan èyí tó ń gba àwọ̀ àlùkò. Ẹ̀kán òróró kékeré aláwọ̀ tún wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ kóònù náà, ó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó wọlé, bí ìgbà tí asẹ́ bá gba hóró kan tó sì dá ìyókù padà. Ó bá ata mu gan-an: ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu, ẹyẹ ló sì ń gbé èso rẹ̀ kiri. Kò yani lẹ́nu pé ata ń pọ́n kí wọ́n lè rí i.

Ká ní iye kóònù ni gbogbo rẹ̀, edé mántíìsì ni ìbá gba ipò kìíní. Ẹran inú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, ó jọ edé àmọ́ kì í ṣe ojúlówó edé, oríṣi méjìlá sì ni sẹ́ẹ̀lì tó fi ń gba àwọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń sọ pé ó ń rí àwọ̀ tí èèyàn kò lè fọkàn yàwòrán. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2014 bu omi tútù sí i. Wọ́n kọ́ ẹran náà pé àwọ̀ kan ló ní oúnjẹ lẹ́yìn, wọ́n wá ń sún àwọ̀ kejì mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àlàfo àárín méjèèjì bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí nánómítà 12 sí 25, ó ti ń ṣì í mú. Èèyàn ń fi kóònù mẹ́ta ya ìyàtọ̀ nánómítà 1 sí 4.

Àlàyé tí àwọn olùwádìí náà ṣe ni pé kò jọ pé edé yìí ń fi iye sẹ́ẹ̀lì kan wé ti èkejì bíi tiwa. Ó ń fi ojú gbá ohun tó wà níwájú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó bá dáhùn jù ló sì ń fi dá àwọ̀ mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìdá ọpọlọ rẹ̀ kékeré lágara pẹ̀lú ìṣírò. Ó yá, àmọ́ kò péye. Bí a bá gbé e wá síwájú àtẹ ní Ṣágámù, á mọ rodo tó pọ́n yàtọ̀ sí èyí tí kò pọ́n kíákíá. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn lójú ẹ̀gbẹ́ kan, tí ìyá aláta ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún oníbàárà ọ̀la, ló máa dà á láàmú.