Ẹ Wo Òfò Tí Wọn Kò Tíì San Kí Ẹ Tó Fún Wọn Lówó

Bí mo bá bi oníṣòwò kan ní Ìsìkàn tàbí Arákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí ìdí tó fi yan iléeṣẹ́ adójútòfò tó yàn, èsì kì í yẹ̀: ọmọ ìjọ wa ló mú un wá, owó wọn kéré, ilé wọn l'Ékòó ga. Ẹnìkan tiẹ̀ ní òun ti gbàdúrà sórí ìwé náà. Mi ò bá àdúrà jà, àmọ́ iléeṣẹ́ tí kò lówó lọ́wọ́ kò lè fi àdúrà san owó òfò.

Ti ìwé àṣẹ, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Orúkọ àwọn tó ní àṣẹ wà lórí naicom.gov.ng, ìkànnì NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò; ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè wò ó. Owó ìdókòwò tó kéré jù tí òfin ní kí iléeṣẹ́ ní ńkọ́? Òfin ọdún 2025 gbé e kúrò ní bílíọ̀nù 3 náírà lọ sí bílíọ̀nù 15 fún àwọn tó ń dójú òfò dúkìá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ńlá kò ní kí iléeṣẹ́ má kú: lọ́dún 2022, NAICOM gba àṣẹ lọ́wọ́ Niger Insurance àti Standard Alliance, àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ tipẹ́.

Ibi tí èmi máa ń kọ́kọ́ ṣí ni ìròyìn ìṣúná ọdọọdún iléeṣẹ́ náà. Ó máa ń wà lórí ìkànnì wọn. Tí wọ́n bá wà lọ́jà ìpín-ìdókòwò, ó wà lórí ngxgroup.com pẹ̀lú. Ẹ má ka ọ̀rọ̀ alága, ẹ fo àwòrán àwọn olùdarí. Ẹ lọ sẹ́yìn pátápátá, ẹ wá tábìlì tó pín owó òfò tí wọn kò tíì san sí ọjọ́ orí: ọjọ́ 0 sí 90, 91 sí 180, títí dé èyí tó ti lé lọ́dún kan.

Ẹ jẹ́ ká mú iléeṣẹ́ méjì tí mo fi ṣàpẹẹrẹ. Èkínní jẹ mílíọ̀nù 900 náírà owó òfò: 700 kò tíì pé 90 ọjọ́, 50 péré ló ti lé lọ́dún. Èkejì jẹ mílíọ̀nù 400: 60 ló kéré sí 90 ọjọ́, 280 ti lé lọ́dún. Ọ̀pọ̀ yín yóò mú èkejì nítorí pé gbèsè rẹ̀ kéré. Àṣìṣe ni! Ti èkínní jẹ́ òfò tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí tábìlì, ó sì ń lọ. Ti èkejì ti jókòó sójú kan.

Wọ́n tún máa ń pín tábìlì yẹn sí ìdí tí owó fi dúró. Ìwé oníbàárà kò pé. Ẹni tó ń yẹ òfò wò kò tíì parí. Oníbàárà kò tíì fọwọ́ sí ìwé ìfẹnukò, ìyẹn ìwé tó fi gbà pé iye tí wọ́n fẹ́ san tẹ́ òun lọ́rùn. Àwọn wọ̀nyí ní àlàyé. Ìlà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ìka tẹ̀ ni ti àwọn tó ti fọwọ́ sí ìwé ìfẹnukò tí wọ́n sì ti dá a padà. Níbẹ̀, àríyànjiyàn ti tán, iye ti fẹnu kò, owó ló kù. Tí owó ìlà yẹn bá ti kọjá 90 ọjọ́, a jẹ́ pé iléeṣẹ́ náà kò rí owó san ni, tàbí kò fẹ́ san.

Ẹjọ́ ńlá kan ní kóòtù lè mú kí òfò àtijọ́ dà bí òkè. Nítorí náà, ẹ wo iye ènìyàn tó wà níbẹ̀, kì í ṣe iye owó nìkan, kí ẹ sì fi ọdún méjì wéra.

Mo fi ìlà yìí han màmá kan tó ń ta ẹja tútù ní òpópónà Ọ̀dà. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ bá lọ ní owó ènìyàn tó ti lé lọ́dún níbẹ̀. Ó ní díákónì ìjọ òun tó mú un wá kò ní tan òun jẹ. Màmá, díákónì kọ́ ni yóò kọ sọ̀wédowó! Ó bá wọn lọ. Lásìkò ọyẹ́, wáyà jó, iná sì mú yàrá ẹja. Ẹni tó yẹ òfò wò fẹnu kò sí mílíọ̀nù 6. Màmá fọwọ́ sí ìwé, ó dá a padà, ó ń retí. Ọyẹ́ mìíràn dé, owó kò dé. Nígbà tí ìròyìn ọdún náà jáde, mo ṣí i níwájú rẹ̀: mílíọ̀nù 6 tirẹ̀ ti wọ ìlà yẹn.

NAICOM ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn. Ibẹ̀ la kọ̀wé sí, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìfẹnukò àti ọjọ́ tó dá a padà. Wọ́n san án, díẹ̀díẹ̀. Owó tí wọ́n fẹnu kò sí nígbà náà kò ra iye ẹja kan náà mọ́. Ẹni tó bá ń ta ìnṣọ́ránsì fún yín, tí ẹ sì bi í léèrè ìròyìn ìṣúná ọdún méjì, tó ń rẹ́rìn-ín tàbí tó ń bínú, ẹ gba owó yín padà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kọ rìsíìtì.