Ọwọ́ ta ni ọwọ́ tó ń gba kọ́kọ́rọ́? Lẹ́tà ayálégbé tó wà lókè òkun sí onílé ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ká sọ pé obìnrin nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Mansẹ́sítà fẹ́ gba fúláàtì oníyàrá méjì ní Ìmọ̀wò, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó fẹ́ ní ibi tí yóò máa wọ̀ sí bó bá wálé fún Iléyá àti Ojúde Ọba, kó má baà máa bá àwọn ẹbí há mọ́ yàrá kan lọ́dọọdún. Owó ilé jẹ́ 600,000 náírà lọ́dún, owó kọ́ṣọ̀n jẹ́ 50,000. Òun àti bàbá onílé ti sọ ọ́ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ sì ti wọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Ṣágámù ni yóò lọ gba kọ́kọ́rọ́, òun náà ni yóò sì máa bá a san owó ilé. Lẹ́tà tí yóò fi ọmọ yìí han onílé ló kù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù: «Bàbá, ọmọ mi ń bọ̀ lọ́la o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́.» Bàbá á fún un. Ìjà kì í wáyé lọ́jọ́ náà. Ó máa ń tó ọdún kejì tàbí ìkẹta kí ẹnì kan tó bèèrè pé ta gan-an ló háyà ilé tí wọ́n ń gbé yìí, ta ló sì jẹ gbèsè.

Lójú òfin, ẹni tí a rán níṣẹ́ dà bí ọwọ́ ẹni tó rán an. Ohun tí ọwọ́ yẹn bá ṣe láàárín àṣẹ tí a fún un, ẹni tó rán an ló ṣe é. Ìdí nìyí tí ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ètò yìí fi jẹ́: ọwọ́ ta ni ọwọ́ yìí? Ọmọ ẹ̀gbọ́n yẹn, ọwọ́ ayálégbé ni. Bí nọ́ọ̀sì bá fi 600,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọmọ náà, owó yẹn kò tíì di owó ilé. Ó di owó ilé nígbà tó bá dé ọwọ́ onílé. Bí ọmọ náà bá fi ra ọ̀kadà, ayálégbé ló pàdánù, gbèsè owó ilé sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Onílé kò ní ẹjọ́ kankan láti rò.

Ejẹ́ńtì ilé yàtọ̀ sí èyí. Bí bàbá onílé bá ti sọ fún ayálégbé pé ejẹ́ńtì lagbájá ni kó máa gba owó ilé fún òun, ejẹ́ńtì yẹn di ọwọ́ onílé. Owó tó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀ ti dé ọwọ́ onílé, bó bá sì sá lọ, onílé ló máa wá a. Lẹ́tà tó mọ́gbọ́n dání máa ń tipa báyìí bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ onílé náà: kó kọ ọ́ sílẹ̀, àkáǹtì wo ni kí owó wọ̀, ta ló sì lè gba owó lórúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayálégbé kì í bèèrè èyí nítorí ìtìjú, wọ́n rò pé bàbá lè rí i bí àìfọkàntán. Bàbá tó ti fi ilé rẹ̀ háyà fún ogún ọdún kò ní bínú sí i. Ohun tó máa ń bí irú wọn nínú ni kí owó ilé pẹ́.

Lẹ́tà náà kò nílò gígùn. Ohun tó nílò ni kó sọ ohun tí ọmọ yìí lè ṣe àti ibi tí agbára rẹ̀ parí sí. Àárín rẹ̀ lè lọ báyìí:

«Ẹ̀yin Bàbá wa, a kí yín o, a kí gbogbo ará ilé. Èmi tí mo gba fúláàtì ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ yín ní Ìmọ̀wò ni mo kọ ìwé yìí. Mo rán ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí orúkọ rẹ̀ kíkún àti fọ́tò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé yìí, pé kó bá mi gba kọ́kọ́rọ́, kó bá mi san owó ilé, kó sì gba rìsíìtì ní orúkọ mi. Bí ẹ bá ní ìwé kankan fún mi, títí kan ìwé pé kí n kó jáde, ẹ lè fi lé e lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ sì fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ náà. Mi ò fún un láṣẹ láti fi ilé háyà fún ẹlòmíràn, tàbí láti bá yín yí iye owó ilé padà, tàbí láti gba owó kọ́ṣọ̀n mi padà. Àṣẹ yìí parí ní ọdún méjì sí òní. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mo ti yí i padà, ẹ pè mí lórí nọ́ńbà yìí kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.»

Gbólóhùn tó sọ pé «ní orúkọ mi» ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, ìgbàgbé yẹn ló sì ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ẹni tó bá mú owó wá ni onílé máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sórí rìsíìtì, nítorí ojú ẹni yẹn ló rí. Ní ọdún kìíní, rìsíìtì jáde ní orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n. Ọdún kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Lọ́dún kẹta ọmọ náà ti ń sùn níbẹ̀, ó ti gbé ìyàwó wọlé, ó sì ní rìsíìtì méjì tó fi hàn pé òun ló ń san owó ilé. Nọ́ọ̀sì ní Mansẹ́sítà ní ohùn lórí Wáásáàpù. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, rìsíìtì ni adájọ́ máa kọ́kọ́ wò, ó sì lè di dandan kí ayálégbé gidi máa fi ẹ̀rí ilé ìfowópamọ́ ṣàlàyé ohun tí ìlà kan ìbá ti sọ. Ìlà yẹn ni: «A gba 600,000 náírà lọ́wọ́» orúkọ ayálégbé, «láti ọwọ́» orúkọ ọmọ tó mú un wá, fún ilé báyìí, láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí. Orúkọ méjèèjì wà níbẹ̀, ipò wọn sì yàtọ̀. Ọ̀nà tó tún dáa jù ni kí ayálégbé san owó tààrà sí àkáǹtì onílé, kí ọmọ máa lọ gba rìsíìtì nìkan. Nígbà náà orúkọ ẹni tó san ti wà lórí owó fúnra rẹ̀.

Ti ìwé kíkó jáde tó wà nínú lẹ́tà náà, àwọn kan á ní kí ló dé tí ènìyàn á fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe irú rẹ̀. Ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, tí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, oṣù 6 ni òfin máa ń fún un kí ó tó kó jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni onílé máa fún un ní ìwé ọjọ́ 7 pé òun ń lọ kóòtù láti gba ilé òun. Bí ilé bá wà ní títì látìgbà Iléyá kan dé èkejì, wọ́n lè lẹ ìwé yẹn mọ́ ilẹ̀kùn kí òjò sì fọ̀ ọ́ lọ, kí oṣù 6 máa lọ láìjẹ́ pé ayálégbé gbọ́ nǹkan kan. Ó sàn kó bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí yóò ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.

Ṣé lẹ́tà lásán tó, àbí kí a lọ bá lọ́yà? Fún gbígba kọ́kọ́rọ́ àti sísan owó ilé, lẹ́tà tó ní ọwọ́ ìkọ̀wé ayálégbé tó. Kódà àdéhùn ilé tí kò ju ọdún 3 lọ, òfin kò sọ pé dandan ni kó jẹ́ ìwé onídìídì tí a lu òǹtẹ̀ sí. Àmọ́ bí ọmọ náà bá máa fọwọ́ sí àdéhùn tó ju ọdún 3 lọ lórúkọ ayálégbé, lẹ́tà kò tó mọ́. Ìwé àṣẹ tí àwọn lọ́yà ń pè ní páwà-ọf-àtọ́nì ló kàn, tí a fi ìlànà ìwé onídìídì kọ. Ẹni tó wà lókè òkun lè fọwọ́ sí i níwájú nótárì ìlú tó wà, tàbí ní ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà níbẹ̀. Abala 150 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé kí kóòtù gbà pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó ti kọjá lọ́wọ́ wọn jẹ́ ojúlówó, àyàfi bí ẹlòmíràn bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Fún fúláàtì Iléyá, kò sí ẹni tó yẹ kó ná owó débẹ̀.

Lọ́jọ́ gbígba kọ́kọ́rọ́, ọmọ náà mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání, onílé fi wé fọ́tò tó wà nínú lẹ́tà. Kò sídìí láti máa fi nọ́ńbà NIN ẹnikẹ́ni kiri lórí Wáásáàpù. Wọ́n á pe ayálégbé lórí fídíò, á rí ọmọ rẹ̀ àti bàbá papọ̀, á kí bàbá, ọ̀rọ̀ á parí. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ka kọ́kọ́rọ́: gééètì kan, ilẹ̀kùn iwájú méjì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kíṣínì kan, yàrá méjì. Kí ó ya fọ́tò ojú mítà iná kó tó tan gílóòbù kankan, nítorí gbèsè iná ẹni tó jáde máa ń dúró de ẹni tó wọlé. Kó ya fọ́tò àjà tó ń jò, síǹkì tó ti la, gíláàsì fèrèsé tó sán. Owó kọ́ṣọ̀n 50,000 yẹn, orí irú fọ́tò wọ̀nyí ni yóò dúró lé lọ́jọ́ tí a bá ń bèèrè rẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí bàbá fọwọ́ sí ẹ̀dà lẹ́tà kejì, kí ọmọ mú un lọ.

Bàbá lè kú láàárín àkókò yìí. Bí kò bá fi ìwé ogún sílẹ̀, ilé á di ti ẹbí, Dáwódù ló sì máa ń ṣáájú wọn. Kí ọmọ rẹ̀ kan wá sọ pé òun ni kí wọ́n máa sanwó fún, ìyẹn nìkan kò tó. Kí ayálégbé kọ̀wé sí ẹbí pé kí wọ́n fi ìwé sọ àkáǹtì tí wọ́n fẹnu kò lé lórí, kó tó rán owó ọdún tuntun.

Bí ayálégbé bá fẹ́ gba àṣẹ náà padà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ọdún méjì tó pé, sísọ fún ọmọ náà nìkan kò parí nǹkan. Onílé tí kò gbọ́, tó ṣì ń bá ọmọ náà lò bí lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣe sọ, kò jẹ̀bi. Àyíká yẹn ni ìjà ẹbí máa ń pọ̀ sí: wọ́n ti bá ara wọn jà nílé, kò sẹ́ni tó sọ fún Bàbá Ìmọ̀wò. Nítorí náà, onílé ni kí ìwé tuntun kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí àṣẹ parí àti orúkọ ẹni tó kàn. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kí ọmọ náà kó padà. Bí ẹyọ kan bá dín, kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá, kí wọ́n pààrọ̀ àgádágodo ilẹ̀kùn yẹn, kí wọ́n sì fún bàbá ní ẹ̀dà tirẹ̀ bó bá ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.