Ó Kéré Tán, Ó Pọ̀ Jù: Apá Ibo Ni Àmì Yóò Kọjú Sí?

Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní gbólóhùn yìí: "Ẹni tó bá fẹ́ dìbò ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, ó kéré tán." Ẹ ní kó fi àmì ìṣirò kọ ọ́, kí x dúró fún ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ ló máa kọ x ≤ 18. Etí ti gbọ́ "kéré", ọwọ́ sì ti sáré fa àmì kéré. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n kọ: ọmọ ọdún 7 ti wà lórí ìlà ìdìbò, wọ́n sì ti lé bàbá tó ti pé ọdún 60 padà sílé. Bákan náà ni "ó pọ̀ jù" ṣe ń ti ọwọ́ wọn sí ≥.

N kì í ní kí wọ́n há àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sórí pẹ̀lú àmì wọn. Nọ́ńbà mẹ́ta ni mo máa ń ní kí wọ́n dán wò kí wọ́n tó fa àmì kankan: èyí tí ìbéèrè dárúkọ gan-an, èyí tó fi ọ̀kan dín sí i, àti èyí tó fi ọ̀kan lé e. Ẹni ọdún 17 ńkọ́? Kò lè dìbò. Ẹni ọdún 18? Ó lè dìbò. Ẹni ọdún 19? Òun náà lè dìbò. Apá òkè ló wọlé, 18 náà sì wọlé, nítorí náà x ≥ 18 ni.

Ìlà kékeré tó wà lábẹ́ àmì yẹn ló gba 18 fúnra rẹ̀ wọlé, òun ló sì máa ń já máàkì gbà lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe pàápàá. "Ó ju 18 lọ" jẹ́ x > 18, torí 18 kò ju ara rẹ̀ lọ. Ta wá ni kò ju 18 lọ? Gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni, pẹ̀lú 18 fúnra rẹ̀: x ≤ 18. Ohun kan náà ni "kò ju 18 lọ" àti "18 ló pọ̀ jù" ń sọ. "Kò dín ní 18" àti "ó kéré tán 18" náà ò yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n "kò tó 18" ti 18 síta: x < 18.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìṣirò kan wò. Ìdílé kan fẹ́ sọmọ lórúkọ. Alásè ní òun máa gba ₦60,000 owó iṣẹ́, pẹ̀lú ₦2,400 lórí àlejò kọ̀ọ̀kan. Ìdílé ní gbogbo owó náà kò gbọ̀dọ̀ ju ₦400,000 lọ. Alásè náà ní òun ò ní dáná fún iṣẹ́ tí owó rẹ̀ bá dín ní ₦250,000. Àlejò mélòó ni wọ́n lè pè?

A fi x dúró fún iye àlejò. Ibí ni àwọn kan ti máa ń kọ x ≤ 400,000, bí ẹni pé odindi ìlú ló ń bọ̀. Ẹ bi ara yín pé: kí ni kò gbọ̀dọ̀ jù? Owó ni, kì í ṣe àlejò. Owó sì ni 2,400x + 60,000. Nítorí náà:

2,400x + 60,000 ≤ 400,000
2,400x ≤ 340,000
x ≤ 141.67

Ti alásè:

2,400x + 60,000 ≥ 250,000
2,400x ≥ 190,000
x ≥ 79.17

Kò sí àlejò tó jẹ́ ààbọ̀ èèyàn, a ní láti sọ ọ́ di odindi nọ́ńbà. Ẹni tó bá ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ìṣirò lásán á kọ 142 àti 79. Méjèèjì ló kùnà. Tí àlejò bá jẹ́ 142, owó á di ₦400,800, ó ti fi ₦800 kọjá agbára ìdílé. Tí ó bá jẹ́ 79, owó á jẹ́ ₦249,600, alásè ò ní gbà. Níbi "kò gbọ̀dọ̀ jù" a máa ń sọ̀ kalẹ̀, níbi "kò gbọ̀dọ̀ dín" a máa ń gòkè, bó ti wù kí ìdá tó kù pọ̀ tó. Ìdáhùn ni 80 ≤ x ≤ 141, kí x jẹ́ odindi nọ́ńbà.

Àwọn kan máa ń gba ọ̀nà owó tó kù: 340,000 − 2,400x ≥ 0. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá dé −2,400x ≥ −340,000, tí wọ́n sì fi −2,400 pín in, àmì gbọ́dọ̀ yíjú padà sí ≤. Ẹni tó bá gbàgbé á ní x ≥ 141.67. Kó fi àlejò 200 dán an wò: owó á di ₦540,000, á sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé òun ti kọ àmì náà sódì.