"Ará ilé ńkọ́?" kì í ṣe ìbéèrè

Ẹ̀sùn kan máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó ti pẹ́ ní Yúróòpù, àti lẹ́nu ọ̀dọ́ Àjàṣẹ́ tó bá ń sáré lọ síbi iṣẹ́: wọ́n ní irọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Ẹ wo ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn mọ́jú nítorí ibà, tí wọ́n bi í pé "Ṣé dáadáa lẹ jí?", tó sì dáhùn pé "A dúpẹ́". Ẹni tó bèèrè kò fẹ́ mọ̀, ẹni tó dáhùn kò sọ bó ṣe rí, ẹnu ti ṣiṣẹ́, ọgbọ́n kankan kò kún ọgbọ́n ẹnì kankan. Ẹ̀sùn náà dùn-ún gbọ́. Àmọ́ ẹni tó ń fi í kan ìkíni ń wá omi nínú àgbá epo ni.

Ní ọdún 1923, Malinowski, ọmọ ilẹ̀ Póláǹdì tó ti gbé láàárín àwọn ará erékùṣù Tòròbíríàǹdì, kọ̀wé nípa irú ọ̀rọ̀ tí kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó so àwọn tó ń sọ ọ́ pọ̀ lọ. Ó tọ́ka sí nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ máa ń gbójú fò: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tí a kò mọ̀ máa ń kọ ènìyàn lóminú. Ẹni tó wọ agbo ilé ní Ṣàbẹ́ láìlanu kò tíì ṣe ohun burúkú kankan, síbẹ̀ gbogbo ojú á ti yí sí i, àwọn ọmọdé á dá eré dúró. Bó bá kàn ní "Ẹ kú ilé o", eré á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì mọ orúkọ rẹ̀ tàbí ohun tó bá wá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ni pé ó gbà pé àwọn wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti dé Kétu mọ Àkábà Ìdènà, ẹnu odi tí wọ́n kọ́ ní àtijọ́ láti fi ṣọ́ ìlú. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ẹnubodè tó ní ilẹ̀kùn méjì, tí àyè kékeré wà láàárín wọn. Ẹni tó bá kọjá ilẹ̀kùn ìta kò tíì wọlé, kò sì sí níta mọ́. Ó wà níbi tí ojú ti lè yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó ṣí èkejì fún un. Àyè àárín yẹn ni ìkíni. Ìkí àkọ́kọ́, "Ẹ kú àárọ̀" tàbí "Ẹ kú ìjókòó", ló ń ṣí ilẹ̀kùn ìta. Gbólóhùn tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ gan-an kalẹ̀, irú bí "Ìdí tí mo fi wá ni pé...", ló ń ṣí ti inú. Gbogbo "Ará ilé ńkọ́?", "Ọmọ ńkọ́?", "Ọjà ńkọ́?" tó wà láàárín wọn, àyè ìyẹ̀wò ni. Ibi tí àfiwé yìí ti yàtọ̀ ni pé ní ẹnubodè, oníbodè nìkan ló ń yẹ ènìyàn wò. Nínú ìkíni, àwọn méjèèjì ni oníbodè, àwọn méjèèjì náà sì ni àlejò.

Bí ìyẹ̀wò yìí ṣe ń lọ rọrùn láti rí lọ́jà ju ibikíbi lọ. Ká ní ọ̀dọ́bìnrin kan ra áǹkárá ọ̀pá mẹ́fà ní àwìn lọ́wọ́ ìyá aláṣọ kan ní ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́, ní 12,000 sẹfà. Ó ti san 8,000. Ó kù 4,000, ọjọ́ tó dá ti pé, owó náà kò sì tíì sí lọ́wọ́. Ó ń bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Kò ní dédé sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n á ṣe bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyí:

"Ẹ kú ìjókòó, ìyá mi." Ó fi eékún kan kanlẹ̀.
"Oo, kú àbọ̀. Ṣé dáadáa lo dé?"
"Dáadáa ni. Ọjà ńkọ́?"
"À ń dúpẹ́."
"Àwọn ọmọ ńkọ́?"
"Wọ́n wà dáadáa."
"Bàbá ńkọ́?"
"Wọ́n wà."
"Ṣé kò sí o?"
"Kò sí. Ara wọn ni kò fi bẹ́ẹ̀ le."

Ẹ wo ìdáhùn méjì tó jọra yẹn. Fún àwọn ọmọ, "Wọ́n wà dáadáa". Fún bàbá, "Wọ́n wà", ó sì dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló dín. Bí ìyá náà bá ti ń fi "Wọ́n wà" dáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní já mọ́ nǹkan kan, àwọn mìíràn kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìdáhùn tó ṣáájú gùn jù ú lọ, ìyàtọ̀ náà hàn sétí. Ọ̀dọ́bìnrin náà gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tó fi fi "Ṣé kò sí o?" tẹ̀lé e. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ gidi tó jáde.

Èyí ni apá tí àwọn tó ń fẹ̀sùn kan ìkíni kì í rí. Òótọ́ ni pé ìdáhùn tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í sọ nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n nítorí pé a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni ìyípadà kékeré inú rẹ̀ fi ń tètè hàn. Bí olúkúlùkù bá ń dáhùn "Ará ilé ńkọ́?" ní ọ̀nà tirẹ̀ lójoojúmọ́, ta ni yóò mọ̀ ìgbà tí nǹkan ti yí padà? Wọ́n ti fún wa ní ìdáhùn kan ṣoṣo ká lè gbọ́ ìgbà tí kò bá jáde bó ṣe yẹ, tàbí tó bá pẹ́ kó tó jáde. Ẹni tó gbọ́n jù nínú ìkíni kọ́ ni ẹni tó mọ oríkì gbogbo ènìyàn. Ẹni tó rántí bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe máa ń dáhùn ni.

Kí wá ni ọ̀dọ́bìnrin náà á ṣe? Bó bá mọ ohun tó ń ṣe, á ní "Ẹ̀yà! Ẹ kú ìtọ́jú o, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà", á béèrè ohun tó ń ṣe bàbá, á sì gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà, ó lè sọ ti owó ní ṣókí, tàbí kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìyá aláṣọ náà ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ló gbé e wá. Òun náà ti gbọ́ nǹkan: ẹni tó wá san gbèsè kì í béèrè bàbá, ọmọ àti ọjà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ báyẹn. Owó ni á kọ́kọ́ yọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣáájú kí ẹnì kejì kò kéré. Láwùjọ Yorùbá, àbúrò ló ń ṣáájú, àlejò ló ń kí onílé, ẹni tó ń kọjá ló ń kí ẹni tó jókòó. Ṣùgbọ́n ètò yìí ní ẹ̀yìn. Ní 1974, Judith Irvine tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìkíni àwọn Wọ́lọ́ọ̀fù ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Níbẹ̀ náà, ẹni tó kéré ló ń bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Ó wá rí i pé àwọn kan tí kò kéré máa ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ sáré kí ẹlòmíràn ṣáájú, kí wọ́n lè rẹ ara wọn sílẹ̀. Ìdí ni pé ẹni tí wọ́n bá gbé ga, ìnáwó wà lọ́rùn rẹ̀: ẹni tó ga ni wọ́n ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti gba ìkí àgbà kò lè tún ṣe bí ẹni tí kò ní. Eékún tí ọ̀dọ́bìnrin yẹn fi kanlẹ̀ ní Wàndó, ọ̀wọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ṣí ọ̀nà ẹ̀bẹ̀. Kò sí àgàbàgebè nínú rẹ̀, iṣẹ́ méjèèjì ló ń ṣe pọ̀, ìyá aláṣọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ irọ́. Harvey Sacks, tó máa ń fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́ ní Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rí hàn nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 1975 pé ẹni tó bá dáhùn pé "kò dára" ti di ẹrù lé ẹni tó bèèrè lórí. Onítọ̀hún gbọ́dọ̀ dúró, ó gbọ́dọ̀ béèrè ìdí, ó gbọ́dọ̀ kẹ́dùn. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ń béèrè ló wà nípò láti gbọ́ ìṣòro wa. Nítorí náà "A dúpẹ́" ń dá ẹrù náà dúró sọ́wọ́ ẹni tó ni ín, títí tí yóò fi rí ẹni tó tọ́ sí. Ẹni tó ń wa alùpùpù sémíjàn kọjá kò tọ́ sí i, aládùúgbò tó béèrè lẹ́ẹ̀kejì pé "Ṣé kò sí lóòótọ́?" lè tọ́ sí i. Èèyàn tó bá sọ àìsàn ọmọ rẹ̀ síta ní ìbéèrè àkọ́kọ́ kò sọ òótọ́ ju àwọn yòókù lọ, ó kàn já ilẹ̀kùn inú nígbà tí ti ìta kò tíì padé ni.

Ohun mìíràn tó máa ń ba ìkíni jẹ́ ni kí ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ ṣáájú ìkí. "Ìyá, èló ni èyí?" láìkọ́kọ́ kí wọn, owó ọjà náà lè ga, tàbí kí ìyá náà dáhùn pé "Ṣé ilẹ̀ mọ́ nílé yín lónìí?" Bí ìkí bá tẹ̀lé e lẹ́yìn náà, kò ní tún un ṣe. Ohun tó ń tún un ṣe ni kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ ọjà sílẹ̀ pátápátá, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí: "Ẹ má bínú, ìyá mi. Ẹ kú àárọ̀." Bí ẹ bá tún pàdé lọ́sàn-án, ẹ má kí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá tún béèrè ilé, ọmọ àti ọjà lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà ń sọ pé òun kò rántí pé òun ti rí yín. "Ẹ kú iṣẹ́" ti tó. Bó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti rí ara yín, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde, kí àyè àárín sì gùn tó bí ìgbà náà ṣe gùn.

Ètò yìí ní àléébù kan tí kò ṣeé fi pamọ́. Ó wúwo lórí ẹni tí kò ní. Bí 4,000 sẹfà bá wà lọ́rùn ènìyàn, kò lè gba iwájú ìyá aláṣọ kọjá láìkí i. Bó bá kí i, ó ti wọ àyè àárín, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rántí ọjọ́ tó dá. Bí kò bá kí i, ó ti sọ fún gbogbo ọjà pé òun ń sá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ajigbèsè fi máa ń gba ẹ̀yìn ọjà, tí wọ́n á sì ní kí onísémíjàn gba ọ̀nà tó jìn, kódà bí owó rẹ̀ bá fi 100 sẹfà ju ti ọ̀nà tààrà lọ.