Tẹ́ńpò ló ń falẹ̀, ọwọ́ ò gbọdọ̀ falẹ̀

Ká má pẹ́ lórí ìpìlẹ̀. Rúdímẹ́ntì ni àwọn ègé ìlù kéékèèké tí onílù sínéà, ìlù òyìnbó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi igi méjì lù, fi ń kọ́ ọwọ́ ẹ̀, bí ọmọ iléèwé ṣe ń kọ́ a-bí-dí. Àwọn onílù 13 kan ló pàdé ní Ṣìkágò, Amẹ́ríkà, ní 1933, àwọn ni wọ́n kó 26 jọ, nígbà tó sì máa fi di 1984 wọ́n ti sọ ọ́ di 40. Ó tán. Párádídù ló gbádùn mọ́ni jù níbẹ̀, a máa fi dọ́bù sìtírókù, níbi tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ti ń lù ú lẹ́ẹ̀mejì-mejì, tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ká fi T pe ọwọ́ ọ̀tún, S pe òsì. Párádídù nìyí:

T S T T, S T S S

Orúkọ ẹ̀ gan-an ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń lù ú. Pá-rá: ọwọ́ méjèèjì gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Dí-dù: ọwọ́ kan náà lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó gùn jù ú lọ, T S T S T T, ẹnu ni wọ́n fi ń kà á, párá-párá-dídù. Ẹni tó bá ti rí onídùndún tó ń fẹnu pe ìlù kó tó fi kọ̀ǹgó kàn án, ìyẹn ò lè ṣàjèjì sí i.

Gbogbo olùkọ́ ló ń sọ pé kí wọ́n máa lù ú pẹ̀lẹ́, òótọ́ sì ni, àmọ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe gbọ́ ọ ló ń múnú bíni. Wọ́n á yí mẹ́tírónòmù, ẹ̀rọ tó ń dún láti ka tẹ́ńpò, ìyẹn ìyára ìlù, sí 60, dídún 60 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á wá máa rọra sọ igi kalẹ̀ sórí sínéà bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn kọ́ ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe o.

Ẹ wo àwọn méjì tó ń gúnyán nínú odó kan. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí iṣu ṣì ń fọ́, wọn kì í yára, àmọ́ ṣé ẹnì kankan nínú wọn ń rọra sọ ọmọ odó kalẹ̀? Rárá. Bí ọmọ odó bá ti ń bọ̀, gbì ló ń dé. Òkè ló ti ń pẹ́, ibẹ̀ ló ti ń dúró de èkejì ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá sì wá sáré, ìdúró òkè yẹn ni wọ́n ń gé kúrú, bó ṣe ń já bọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń gúnyán mọ̀ dáadáa: ẹni tí ọmọ odó ẹ̀ ò bá tíì wà lókè nígbà tó kàn án ti pẹ́ nìyẹn, á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fà á sókè, ọmọ odó méjèèjì á sì kọlu ara wọn, iyán á ní kókó, wọ́n á máa bú ara wọn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká bá iyán lọ jù, àmọ́ ọ̀rọ̀ pé ó ti wà lókè kó tó kàn án yẹn ni gbogbo àṣírí párádídù.

Ìdí ni pé wọn kì í lu ìró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà. Èyí àkọ́kọ́ ló máa ń pariwo, mẹ́ta yòókù jẹ́ kékeré. Ká ní igi wà ní nǹkan bí íǹṣì 12 sókè kó tó já fún ìró ńlá, íǹṣì mẹ́ta péré ni fún ìró kékeré. Ó wá yá. Ọ̀tún já láti òkè, ó lu ìró ńlá, ó sì dúró nísàlẹ̀, kò gbọdọ̀ ta padà sókè torí ìró kékeré méjì ló kù tó máa lù. Òsì wá lu ìró kejì, ìró kékeré ni, ìsàlẹ̀ ló ti lù ú, àmọ́ bó ṣe lù ú tán báyìí ló gbọ́dọ̀ gbéra lọ sókè, torí òun ló máa lu ìró ńlá tó ń bọ̀. Òsì ti wà lókè, ọ̀tún ṣì ń ṣe dí-dù ẹ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà òsì á já, ọ̀tún á lu kékeré á gbéra, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa yí i.

Ṣé ẹ ti rí iṣẹ́ tí dí-dù yẹn ń ṣe? Ọ̀pọ̀ rò pé ó kàn wà níbẹ̀ kí ọwọ́ lè pààrọ̀ ni. Ó ń pààrọ̀ ọwọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyè ló fi ń sílẹ̀ fún ọwọ́ kejì láti gòkè. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú ẹ̀, orí ẹ̀ pé.

Tí mẹ́tírónòmù bá wà ní 60, tí ìró mẹ́rin wà nínú dídún kan, òsì ní 0.75 sẹ́kọ́ńdì láàárín ìró kékeré ẹ̀ àti ìró ńlá ẹ̀. Àkókò yẹn pọ̀ débi pé onílù lè fi òsì sílẹ̀ nísàlẹ̀, kó máa wò ó, kó wá já a sókè lójijì nígbà tó bá kù díẹ̀, ìró náà á sì ṣì bọ́ sígbà. Etí ò ní gbọ́ àṣìṣe kankan. Àmọ́ ní 120, 0.375 ló kù, ní 180 ó ti di 0.25, ibẹ̀ ni èjìká á ti máa le, ìró ńlá á máa pẹ́, tàbí kí ó má tóbi mọ́. Onítọ̀hún á ní òun ti fi oṣù mẹ́ta lù ú pẹ̀lẹ́, kí ló dé? Òun ló fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọwọ́ ẹ̀ láti pẹ́ gbéra. Torí náà ojú ni kí wọ́n máa fi ṣọ́ ọ. Kí wọ́n gbé fóònù síwájú páàdì, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kọ́ ìlù, kí wọ́n ya fídíò ẹ̀, kí wọ́n dá a dúró ní ìró kẹta. Tí igi kejì ò bá tíì máa lọ sókè níbẹ̀, kò tíì mọ̀ ọ́n lù.

Dọ́bù tún le lọ́nà tiẹ̀: T T S S. Ní 120, ọwọ́ tó ń lu T S T S ní 0.25 sẹ́kọ́ńdì láàárín lílù kan sí èkejì. Tó bá di dọ́bù, ọwọ́ kan náà gbọ́dọ̀ lu ìró kejì láàárín 0.125, kó tó wá sinmi fún 0.375. Ọrùn ọwọ́ ò lè máa gbé ìyẹn lọ títí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí igi ta padà fúnra ẹ̀ lórí awọ, tí ìka á kàn gbà á mọ́ra fún ìró kejì. Níbí ni lílù pẹ̀lẹ́ ti máa ń tanni, torí ní 60 ọrùn ọwọ́ ló ń lu méjèèjì, iṣẹ́ mìíràn pátápátá nìyẹn. Ẹni tó bá lù ú pẹ̀lẹ́ nìkan, tó wá fò lọ sí èyí tó yára, kò tíì kọ́ ibi tí ọrùn ọwọ́ ti ń fa iṣẹ́ lé ìka lọ́wọ́, àárín sì ni ibẹ̀ wà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́, tí wọ́n á máa yára díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dún bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ, tí wọ́n á tún máa fà á padà díẹ̀díẹ̀. Bíbọ̀ padà yẹn ló máa ń tú àṣírí, torí ibì kan á wà tí ìró kejì á rọ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Kí wọ́n dúró síbẹ̀, kí wọ́n wá fi ìró ńlá sórí èkejì dípò àkọ́kọ́, t-T s-S, títí ìka á fi jí.