Kì í ṣe ₦15 nínú gbogbo ₦100 owó oṣù yín ni owó orí

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èèyàn mẹ́rin ló gbé pépà owó oṣù wá bá mi ní ọ́fíìsì mi ní Dùgbẹ̀, ẹ̀sùn kan náà sì ni gbogbo wọn mú wá: wọ́n ní ọ̀gá àwọn ń ja àwọn lólè. Ẹni tó dé kẹ́yìn jẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan lápá Mọ́níyà. Ó tẹ́ pépà náà sórí tábìlì, ó fi ìka lé ibi tí wọ́n kọ PAYE sí, ìyẹn owó orí tí ọ̀gá ń yọ lára owó oṣù kó tó san án, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ₦30,000! Nínú ₦200,000 tí wọ́n ń san fún mi!"

Mo wò ó. Ó jàre. Wọ́n yọ ju iye tó yẹ lọ, àṣejù rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ilé ẹ̀kọ́ náà jalè. Ẹni tí wọ́n gbà pé kó máa bá wọn ṣírò rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n ṣírò.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni èyí tí gbogbo yín máa ń bi mí: kí ló dé tí wọn ò lè fún wa lówó wa kó pé, kí àwa fúnra wa lọ san owó orí? Ó yẹ kí ará Ìbàdàn mọ ìdáhùn ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà, ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn ló dìde nítorí owó orí. Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan tó hàn gbangba ni pé àgbẹ̀ kò ní ọ̀gá tí í san owó oṣù fún un. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń bi í ní gbogbo owó orí ọdún, yálà kòkó mówó wọlé tàbí kò mú un wọlé, àwọn agbowó-orí sì ń lé e kiri títí dé oko. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà, 1944 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó orí lára owó iṣẹ́ kó tó dọ́wọ́ òṣìṣẹ́, nígbà tí ogun ti sọ ẹgbàágbèje òṣìṣẹ́ di ẹni tó ń san án. Tíṣà tí mo ń sọ yìí jẹ ₦202,200 lọ́dún, bí ẹ ó ṣe rí i láìpẹ́. Ẹ sọ fún mi, tíṣà wo ló lè kó iye yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lóṣù Kejìlá, nígbà tí ọdún Kérésì àti owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ń bọ̀?

Ó yá, ìṣirò. Ohun kan ni kí ẹ dì mú: ọdún ni òṣùwọ̀n owó orí, kì í ṣe oṣù. Agbanisíṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ máa gbà lódindi ọdún, kó yọ ohun tí òfin ní kó yọ, kó ṣírò owó orí ọdún lórí èyí tó kù, kó tó wá pín in sí oṣù méjìlá. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026 ni mo ń bá a lọ. Ẹni tó bá ṣì ń fi ti àtijọ́ ṣírò ti ṣìnà.

Tíṣà wa ń gba ₦200,000 lóṣù, ìyẹn ₦2,400,000 lọ́dún. Owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ jẹ́ ₦8 nínú ₦100, ìyẹn ₦192,000 lọ́dún. Òfin kò gba owó orí lórí ìyẹn. Ó ń san ₦300,000 fún ilé tó ń gbé, òfin sì ní kí wọ́n yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé kúrò, ìyẹn ₦60,000. Ó ku ₦2,148,000. Nínú ìyẹn, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. Èyí tó kù, ₦1,348,000, nìkan ni wọ́n ń gba ₦15 lórí gbogbo ₦100 rẹ̀: ₦202,200. Ẹ pín in sí méjìlá, ₦16,850 lóṣù ni.

₦16,850, kì í ṣe ₦30,000!

Àwọn tó ń pe ara wọn ní kọnsọ́tánǹtì owó orí ló ń da èyí sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ "15" lórí rédíò, wọ́n lé e mọ́ gbogbo owó oṣù bí ẹni ń kan èèkàn mọ́ ilẹ̀, wọ́n sì ń gbowó iṣẹ́ lé e. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mi ò tíì rí pépà owó oṣù kan tí mo buwọ́ lù láìṣírò ₦800,000 yẹn àti owó ìfẹ̀yìntì. Bí ẹ bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ wọn mọ̀ fúnra yín, ẹ fi gbogbo owó oṣù yín pín owó orí oṣù yín, kí ẹ wá fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá jẹ́ ₦15 gẹ́lẹ́ nínú ₦100 fún ẹni tó ń gba irú owó tíṣà yìí, irọ́ ni. Tirẹ̀ kò tó ₦9.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti yọ ₦30,000 lára rẹ̀, àpapọ̀ ₦90,000. Torí pé ọdún ni òṣùwọ̀n, kò sí ìdí fún un láti máa sá kiri ọ́fíìsì ìjọba: ìyókù owó orí ọdún rẹ̀, ₦112,200, ni kí wọ́n pín sí oṣù mẹ́sàn-án tó kù, bíi ₦12,467 lóṣù kan.

Ṣùgbọ́n rìsíìtì owó ilé ńkọ́? Ibí ni mo ti máa ń bá ẹ jà. Agbanisíṣẹ́ yín kì í ṣe wòlíì. Bí ẹ kò bá sọ iye tí ẹ ń san fún onílé, kí ẹ sì mú ẹ̀rí wá, kò ní yọ ọ́. Tíṣà yìí kò mú un wá rí. Ó ní onílé òun kì í kọ rìsíìtì, ọwọ́ ni òun ń kówó lé e. Láìsí rìsíìtì yẹn, ₦17,600 ni owó orí rẹ̀ yóò jẹ́ lóṣù, ₦9,000 yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún kan. Ẹni tó ń san ₦1,500,000 fún ilé ní Bódìjà, tí owó oṣù rẹ̀ wà ní ìpele ₦15 yìí, ₦45,000 ló ń sọ nù. Ẹ fi báńkì san owó ilé, kí ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ yín, déètì, àti àdírẹ́sì ilé náà. Òkè ohun tí òfin máa yọ ni ₦500,000, bó ti wù kí owó ilé pọ̀ tó. Ẹni tó ń gbé ilé bàbá rẹ̀ kò rí nǹkan yọ, kó má sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ ayédèrú rìsíìtì.

Nígbà tí mo pe ilé ẹ̀kọ́ náà, rìsíìtì ìjọba ni mo kọ́kọ́ bèèrè. Ó yẹ kí owó tí wọ́n yọ lóṣù kan ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Wọ́n fi hàn mí, ó pé. Ọkàn mi balẹ̀, torí ohun tí ojú mi ti rí.

Ọkùnrin kan wà ní Àpáta tó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan fún ọdún púpọ̀. Lóṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó orí rẹ̀, ó wà lórí pépà. Ó wá ra ilẹ̀, ó fẹ́ gba ìwé ilẹ̀ tí gómìnà ń buwọ́ lù, wọ́n sì bi í ní ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta. Ó dé ọ́fíìsì owó orí, wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti ń yọ ọ́, kò san án rí. Ó jókòó níwájú mi, ó ń wá omi mu.

Owó tí wọ́n ti yọ kì í ṣe owó ọ̀gá mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti wà, ti ìjọba ni, òun sì ni òfin yóò mú. Ẹ̀rí ni ìṣòro wa. Mo ní kó kó gbogbo pépà owó oṣù ọdún mẹ́ta náà wá. Ìyàwó rẹ̀ ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dáná. Oṣù mẹ́rìnlá péré la rí nínú mẹ́rìndínlógójì, àwọn yẹn náà la kọ́kọ́ gbé lọ sí ọ́fíìsì owó orí. Látìgbà náà, gbogbo oníbàárà mi ni mo ń sọ fún pé kí wọ́n lọ bèèrè ní oṣù Kìíní, nígbà tí agbanisíṣẹ́ ń kó orúkọ òṣìṣẹ́ àti iye tó yọ lọ́dún tó kọjá fún ìjọba, tí ọjọ́ 31 sì jẹ́ òpin rẹ̀: "Ṣé orúkọ mi wà níbẹ̀? Èló ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀?"